Ta Ni Kò Lè Sọ Bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́, kó ṣí LinkedIn, kó lọ síbi tí wọ́n kọ About sí lójú ìwé àwọn èèyàn. Níbẹ̀, ògbóǹtarìgì ni gbogbo wa. Gbogbo wa la ní ìtara. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Àṣeyọrí ló sì ń darí gbogbo wa. Síbẹ̀, téèyàn bá kà á tán, kò ní mọ̀ bóyá búrẹ́dì lẹni náà ń ṣe tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé irọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí kì í bá ṣe irọ́, kí ló wá burú níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ eré kọ́ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàfò, tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè tètè rí mọ́tò Bẹ́gà wọ̀, tó sì ń wá iṣẹ́ tó sàn ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, máa ń rò ó pé bí òun bá sọ iṣẹ́ òun bó ṣe rí gan-an, yóò kéré lójú ẹni tó ń kà á. Ló bá yá ọ̀rọ̀ ńláńlá wọ̀, bí ẹni yá aṣọ lọ òde.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀, ẹnì kan pàtó kọ́, àmọ́ irú rẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ìbàfò. Òun ló ń mójú tó sítọ̀. Ohun tó kọ sójú ìwé rẹ̀, bí a bá yí i sí Yorùbá, nìyí:

"Ògbóǹtarìgì òṣìṣẹ́ ni mí, àṣeyọrí ló ń darí mi, mo sì ní ìtara fún ètò ìkẹ́rùsí àti ìpínkiri ọjà. Mo ní ìrírí púpọ̀ níbi tí iṣẹ́ ti ń yára kánkán. Mo máa ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì máa ń ronú kọjá inú àpótí láti mú ìdàgbàsókè tó lọ́ọ̀rìn bá ilé-iṣẹ́."

Gbé e wò ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Má bi í pé ṣé òótọ́ ni. Bi í pé: ta ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé ìkùnà ló ń darí òun, pé òun ò lè bá èèyàn ṣiṣẹ́, pé òun kì í ronú? Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́ sọ òdìkejì gbólóhùn kan láéláé, a jẹ́ pé gbólóhùn yẹn kò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹni tó sọ ọ́. Dókítà lè sọ ọ́, ayálégbé tó ń sá fún lánlọ́ọ̀dù lè sọ ọ́, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀ náà lè sọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa mú un.

Àwọn tó ni LinkedIn gan-an rí i. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí ojúde náà fún aráyé, ní 2010 wọ́n sì gbé orúkọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ṣá jáde, ìyẹn àwọn tí gbogbo èèyàn ń kọ nípa ara wọn. "Ìrírí púpọ̀" ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. "Ẹni tí àṣeyọrí ń darí" wà níbẹ̀. "Ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́" náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, a ò tíì jáwọ́.

Onímọ̀ ọgbọ́n orí kan wà ní Amẹ́ríkà rí, Harry Frankfurt lorúkọ rẹ̀. Ní 1986 ó kọ àròkọ kan tí wọ́n wá tẹ̀ bí ìwé pẹlẹbẹ ní 2005. Ohun tó ń yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ ni irọ́ àti ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe irọ́, tí kì í sì í ṣe òótọ́. Ó ní òpùrọ́ mọ òótọ́, ó ń ṣọ́ ọ, ó sì ń gbé e pamọ́. Òótọ́ ṣì jọ ọ́ lójú débi pé ó ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì kò bìkítà rárá bóyá ohun tóun ń sọ rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe máa rí lójú èèyàn nìkan ló ká a lára. Frankfurt ní ẹnì kejì yìí ló léwu fún òótọ́ ju òpùrọ́ lọ.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ọmọ tó ń mójú tó sítọ̀ yìí kì í ṣe aláìbìkítà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí kò ní nǹkan nínú bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kó tó di pé ó ṣẹ ẹni tó ń kà á, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe tọkàntara ti di èyí tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣe é.

Báwo ló ṣe máa tún un kọ? Kó má bẹ̀rẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Kó mú ohun tó kọ, kó yí i sí Yorùbá, kó sì sọ ọ́ sókè fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, bí ẹni tó jókòó tì í nínú mọ́tò. Èdè wa máa bá a yọ ìyàngbò rẹ̀ kúrò. "Mo máa ń ronú kọjá inú àpótí." Ní ilé wa, àpótí la fi ń jókòó, òun náà la sì ń kó aṣọ sí. Ẹni tó gbọ́ yóò kàn máa wò ó ni. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbọ́ ọ, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa lọ nìyí:

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ná. Mo ń mú ìdàgbàsókè tó lọ́ọ̀rìn bá ilé-iṣẹ́."

"Ó dáa. Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Èmi ni mò ń mójú tó sítọ̀, mà."

"Mo mọ̀yẹn. Tó o bá débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí lo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kọ́kọ́rọ́. Kí lo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn? Kò sí bí ìtara ṣe lè dáhùn rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ṣe ló máa dáhùn rẹ̀. Kó tan WhatsApp, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń dáhùn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kó wá jókòó, kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ lè rí báyìí:

"Ẹ̀n, tí mo bá débẹ̀, mo máa kọ́kọ́ ka báàgì tó wà nílẹ̀, kí àwọn mọ́tò tó gbé ẹrù. Ẹ mọ̀ pé ogún ọ̀rá ló wà nínú báàgì kan. Tí wọ́n bá padà dé nírọ̀lẹ́, mo máa ka èyí tí wọn ò tà, mo máa ka èyí tó bẹ́, màá wá fi wé owó tí dírẹ́bà mú wá. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé kan náà la ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó ń bẹ́ nínú sítọ̀ àti iye tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà. Èmi ni mo ya méjèèjì sọ́tọ̀, mo ń kọ ọ́ sí Excel. Ìgbà yẹn la rí i pé inú sítọ̀ gan-an ló ti ń bẹ́ jù. Bọ̀dá kan tó ń kó ẹrù sí mọ́tò ló sọ pé àwọn báàgì ìsàlẹ̀ ni, pé a ti ń tò ó ga jù."

Wo iṣẹ́ tó fara pamọ́ sábẹ́ "ìdàgbàsókè tó lọ́ọ̀rìn". Ọ̀rá kan gba ìlàjì lítà omi. Ogún ọ̀rá jẹ́ lítà mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bíi kílò 10 fún báàgì kan. Bí wọ́n bá to báàgì 12 léra wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ru 11, ìyẹn kílò 110. Bí ẹni méjì bá jókòó lé báàgì omi kan lórí tọ̀sántòru, kó má ṣe yà wá lẹ́nu bó bá bẹ́. Ká ní ọ̀gá gbà kí wọ́n dín ìtòlérawọn náà kù sí mẹ́jọ, ẹrù orí báàgì ìsàlẹ̀ di kílò 70. Ká sì ní ọ̀rá tó ń bẹ́ nínú sítọ̀ lọ́sẹ̀ kan jẹ́ bí 60 tẹ́lẹ̀, tó wá di bí 25.

Ibí yìí ni ìdánwò kejì ti dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ka ìmọ̀ràn wíwá iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò gbọ́ pé kó fi iye sí i. Kíá, ọmọ yìí lè kọ ọ́ pé: "Mo dín àdánù ilé-iṣẹ́ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún." Ìṣirò náà kò kùnà: láti 60 sí 25, ìdá 58 ló dín kù. Àmọ́ iye náà lè di ọ̀rọ̀ òfìfo bíi ti àkọ́kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó bi ara rẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Ìkíní: àdánù wo? Ọ̀rá tó bẹ́ nínú sítọ̀ nìkan ló kà. Èyí tó bẹ́ lójú ọ̀nà, èyí tí wọ́n jí, gbèsè tí oníbàárà kò san, kò sí níbẹ̀. "Àdánù ilé-iṣẹ́" ti gbòòrò ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ.

Ìkejì: ṣé ohun tó ṣe ló fà á? Ọ̀rá omi máa ń bẹ́ nítorí ẹrù orí rẹ̀, ó sì tún máa ń jò nígbà tí ẹ̀rọ kò bá lẹ etí rẹ̀ dáadáa, tàbí tí ọ̀rá náà bá fẹ́lẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá ra ọ̀rá tuntun tó ki díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà tí wọ́n dín ìtòlérawọn kù, kò sí bó ṣe lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Bó bá ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bóyá etí ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ti jò tàbí àárín rẹ̀ ló ti ya, à bá rí nǹkan dì mú. Bí kò bá kọ ọ́, kó sọ ohun tó rí, kó má sọ ohun tó fà á. "Lẹ́yìn tí a dín in kù, iye tó ń bẹ́ wálẹ̀ láti bí 60 sí bí 25 lọ́sẹ̀" jẹ́ òótọ́. "Mo dín in kù" ti fò kọjá ibi tí ẹ̀rí dé.

Ìkẹta: ta ló ṣe é? Ẹni tó ń kó ẹrù ló rí i pé báàgì ìsàlẹ̀ ni. Ọ̀gá ló fọwọ́ sí i. Òun ló ya àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣeé rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì kéré. Àwọn kan rò pé téèyàn bá kọ "a" dípò "mo", yóò sọ ara rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n "mo" tó wà níbi tó yẹ ló lágbára. Mo kà á, mo yà á sọ́tọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. A dín ìtòlérawọn kù. Ẹni tó ń kà á yóò mọ ohun tó lè gbé fún un láti ṣe.

Ní báyìí, kó gé ohùn tó gbà sílẹ̀ kúrú. Kó yọ "ẹ̀n" àti "ẹ mọ̀ pé" kúrò, kó yọ ohun tó tún sọ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ kó má yí ìtẹ̀léra rẹ̀ padà, torí ìtẹ̀léra yẹn ló mú kó dún bí èèyàn. LinkedIn fàyè gba àmì 2,600 níbi About, ìlà díẹ̀ ló sì ń hàn kéèyàn tó tẹ ibi tí wọn yóò ti rí ìyókù. Nítorí náà, iṣẹ́ náà gan-an ni kó ṣíwájú. Ohun tó máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí báyìí, kó tó wá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì:

"Èmi ni mò ń mójú tó sítọ̀ ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Ìbàfò. Láàárọ̀, mò ń ka báàgì tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan gbé jáde. Nírọ̀lẹ́, mò ń ka èyí tó padà, èyí tó bẹ́ àti owó tó wọlé, mo sì ń rí i pé wọ́n bára mu. Nígbà tí mo dé, inú ìwé kan náà la ń kọ gbogbo ọ̀rá tó bẹ́ sí. Mo ya ti inú sítọ̀ àti ti ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ sínú Excel. Àkọsílẹ̀ yẹn fi hàn wá pé inú sítọ̀ ló ti ń bẹ́ jù. Ẹnì kan lára àwọn tó ń kó ẹrù kíyè sí i pé a ti ń tò ó ga jù. A dín in kù láti 12 sí 8, iye tó ń bẹ́ sì wálẹ̀ láti bí 60 sí bí 25 lọ́sẹ̀. Mò ń wá iṣẹ́ sítọ̀ níbi tí ọjà ti pọ̀ ju èyí lọ, tí màá ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ ọjà sílẹ̀ kó tó tán."

Kó tó gbé e síta, kó fi han ọ̀gá rẹ̀, tàbí kó yọ iye yẹn kúrò bó bá jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ kí ará ìta mọ̀. Sísọ òótọ́ kò túmọ̀ sí títú àṣírí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Ìbàfò máa ń kọ Èkó sójú ìwé wọn. Wọ́n mọ̀ pé tí agbanisíṣẹ́ ní Ìkẹjà bá rí Ìpínlẹ̀ Ògùn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Mi ò ní fi wọ́n wé òpùrọ́ ọjà. Àmọ́ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: "ẹni tí àṣeyọrí ń darí" kò ṣeé mú nírọ́, "mò ń gbé ní Èkó" ṣeé mú. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé níbo lo ti wọkọ̀ wá, ilẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù pípẹ́ lẹ́yìn ló wà lọ́kàn wọn, ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni kó o dá lóhùn. Kọ ọ́ pé Ìbàfò lò ń gbé, pé láago márùn-ún ààbọ̀ lo ti ń wọ mọ́tò, bó bá jẹ́ òótọ́. Àwọn kan á tìtorí ẹ̀ fò ọ́ dá. Mi ò lè sọ pé òótọ́ kì í náni lówó.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ a máa fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn lórí LinkedIn, tí mo bá yọ gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá kúrò, ṣé wọ́n á rí mi? Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìfẹgẹ̀. Orúkọ ipò iṣẹ́ rẹ, orúkọ irinṣẹ́ tó o mọ̀ lò, bí Excel, orúkọ irú ọjà tó o ti tọ́jú: ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń wá èèyàn, wọ́n sì tọ́ka sí nǹkan tó wà láyé. Fi wọ́n sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, bi ara rẹ pé ṣé ẹnì kan lè sọ pé "jọ̀ọ́, fi hàn mí". O lè ṣí Excel fún un. O ò lè ṣí ìtara.

Ìbéèrè kan tún kù, òun ló sì ń wú mi lórí jù. Ṣé àwa Yorùbá gan-an kọ́ la ni oríkì? Ṣé a kì í yin ara wa ju bó ṣe yẹ lọ? A máa ń yìn, àní a máa ń bù sí i. Ṣùgbọ́n oríkì kì í fo orúkọ ìlú, kì í fo ìran, kì í fo ohun tẹ́ni náà tàbí baba ńlá rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ki oríkì ìdílé kan lójúde ẹlòmíì, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò ní ibí kọ́. Ẹlòmíì ló sì ń kì ọ́, lójú àwọn tó mọ̀ ọ́. Àsọdùn inú rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ojú LinkedIn wa ló wá di oríkì tí a lè kì lójúde gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ibí kọ́.

Nítorí náà, èsì mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kì í ṣe irọ́, torí kò tíì tó irọ́. Irọ́ ṣì máa ń sọ nǹkan kan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó sọ ọ́ ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè já òun nírọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé já nírọ́ kò ṣeé gbà gbọ́ náà. Nígbà tí ọmọ tó ń mójú tó sítọ̀ kọ ọ́ pé láti 12 sí 8, ó ti fún àlejò láyè láti bi í pé: kí ló dé tí ẹ ò fi dín in kù sí mẹ́fà? Ó ṣeé ṣe kó ní èsì, torí ó wà níbẹ̀: sítọ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.